Kí o tó tẹ bọ́tìnnì: bí a ṣe ń yẹ orúkọ, ọjọ́, iye àti líǹkì wò

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé iṣẹ́ kan ní kí n gbé ìkéde ìpàdé jáde. Mo kọ ọ́ pé "Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14". Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀gá mi kà á, ẹni tó jókòó tì mí náà kà á. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ọjọ́rú sì ni ọjọ́ 14 oṣù náà. Àwọn tó di orúkọ ọjọ́ mú wá ní Ọjọ́bọ̀, àwọn tó di nọ́ńbà mú wá ní Ọjọ́rú, wọ́n sì bá ilẹ̀kùn ní títì. Èèyàn mẹ́ta ló ka ìkéde yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wa tó ṣí kàlẹ́ńdà.

Látìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kíkà, ọ̀tọ̀ ni yíyẹ̀wò. Ẹni tó ń kà ń wá ìtumọ̀, bí ìtumọ̀ bá sì ti yé e, ojú rẹ̀ á fo ohun tó kù. Orúkọ tí lẹ́tà kan já nínú rẹ̀ kò ba ìtumọ̀ jẹ́. Ọjọ́ tí kò bá nọ́ńbà rẹ̀ mu kò ba ìtumọ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí kíkà lẹ́ẹ̀mẹwàá kò fi ní mú wọn. Ohun tó ń mú wọn ni kí o gbé ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí o ti rí i, kí o sì máa fi ọ̀kan wo ìkejì.

Ìrìn mẹ́rin ni mo máa ń rìn lórí ohun yòówù tí mo bá fẹ́ gbé jáde: mo á rin ti orúkọ, mo á padà wá rin ti ọjọ́, lẹ́yìn náà ti iye, líǹkì á sì kẹ́yìn. Nígbà tí mo bá ń wo orúkọ, n kò ní wo ọjọ́ rárá. Àwọn tuntun máa ń rò pé èyí á pẹ́, wọ́n á ní kí àwọn wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń padà sí kíkà láìmọ̀.

Kí ó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan nìyí tí mo kọ fún àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe há inú rẹ̀. Kà á kí o tó tẹ̀síwájú, kí o sì ka iye àṣìṣe tí o rí:

> Wangari Mathai, obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel, dágbére fáyé ní ọjọ́ Ajé, 25/9/2011, ní ẹni ọdún 72. Ọdún 37 lẹ́yìn tó dá Green Belt Movement sílẹ̀ ní 1977 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà ti 2004, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹgbẹ́ náà ti gbin igi tó lé ní mílíọ̀nù 30. Ẹ ka ìtàn Maathai níbí.

Àwòrán kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ "Igi 30,000,00" sí lára. Abẹ́ ọ̀rọ̀ "níbí" ni líǹkì wà, mo sì máa fi hàn ọ́ tí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìrìn kìíní: orúkọ

Mú ìwé kan, kí o kọ gbogbo orúkọ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà gẹ́lẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí orúkọ kan bá tilẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì. Nínú tiwa, ohun tí o máa rí lórí ìwé ni Wangari Mathai, Nobel, Green Belt Movement, Maathai. Ojú ẹsẹ̀ ni ìjà dé: Mathai lókè, Maathai nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà nínú gbólóhùn, ìyàtọ̀ wọn kò hàn sójú. Nígbà tí wọ́n tò sórí ìwé, ọmọdé pàápàá á rí i.

Má ṣe jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù borí. Mo ti rí ẹni tó ka iye ìgbà tí orúkọ jáde, tó rí "Mathai" lẹ́ẹ̀mẹ́rin àti "Maathai" lẹ́ẹ̀kan, tó wá tún èyí tó tọ́ ṣe kí ó lè bá àwọn tó kù mu. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni orúkọ ni ìdájọ́ wà: bó ṣe kọ ọ́ sórí ìwé tirẹ̀, bí ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ṣe ń kọ ọ́, bí àwọn tó fún un lẹ́bùn ṣe kọ ọ́. Ìròyìn tí ẹlòmíràn gbé jáde kì í ṣe ẹ̀rí, torí ó ṣeé ṣe kí òun náà ti dà á kọ láti ibi tó ti bàjẹ́. Ní ti obìnrin yìí, a méjì ni, Maathai. Bákan náà ni Gandhi, tí ọ̀pọ̀ ń gbé h rẹ̀ lọ sẹ́yìn G.

Bí ẹni náà bá wà láàyè tí o sì lè bá a sọ̀rọ̀, bi í. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe ń kọ orúkọ yín?" kò bu ẹnikẹ́ni kù. Kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ, má ṣe gbọ́ ọ lórí fóònù kí o wá máa kọ ohun tí etí rẹ gbọ́. Lẹ́yìn náà, dà á láti inú ohun tó fi ránṣẹ́, má ṣe tún un tẹ̀.

Àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ nílò ìpinnu. Ẹni tí kò fi àmì sí orúkọ ara rẹ̀, tí o bá fi sí i fún un, o lè fi ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i. Bí ilé iṣẹ́ rẹ bá ń kọ Wọlé Ṣóyínká pẹ̀lú àmì, kí ó rí bẹ́ẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọ Wole Soyinka, kí ó rí bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tó ń dójú tini ni kí méjèèjì wà lójú ewé kan. Ṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń bá ọ wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé: ó lè jẹ́ pé bí o bá wá "Ṣóyínká", kò ní fi "Soyinka" hàn ọ́. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ pé ẹni méjì tẹ Ṣ lọ́nà méjì. Ọ̀kan tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, èkejì tẹ S kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ̀rọ ló lè pè wọ́n ní nǹkan méjì. Nítorí náà, apá orúkọ tí kò gba àmì ni kí o máa wá. "nk" á mú gbogbo Soyinka jáde, bí wọ́n bá kọ ọ́ tàmì tàmì tàbí láìsí àmì.

Kí o tó kúrò lórí orúkọ, wo ohun tí wọ́n so mọ́ ọn. "Àkọ́kọ́" àti "nìkan" ni ọ̀rọ̀ méjì tí mo kórìíra jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ wa ní Maathai ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nadine Gordimer, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ti gba ti lítíréṣọ̀ ní 1991. Ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ni Maathai jẹ́ obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà. Ọ̀rọ̀ méjì tó já, "ti àlàáfíà", ló sọ òtítọ́ di irọ́. Bí o bá bá "àkọ́kọ́" pàdé, bi ara rẹ pé: àkọ́kọ́ nínú kí ni? Bí ìdáhùn kò bá sí nínú gbólóhùn náà, wá a tàbí kí o yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò.

Ìrìn kejì: ọjọ́

Ṣí kàlẹ́ńdà. Mi ò ní kí o rò ó lórí, mo ní kí o ṣí i. Gbogbo ibi tí orúkọ ọjọ́ àti nọ́ńbà bá ti jọ wà, wá wọn lọ sórí kàlẹ́ńdà ọdún náà gan-an. Ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án 2011, ọjọ́ Àìkú ni, kì í ṣe ọjọ́ Ajé. Tí méjèèjì kò bá bára mu, má ṣe yan èyí tó wù ọ́. Ohun tí o mọ̀ kò ju pé ọ̀kan nínú wọn kò tọ́, o kò tíì mọ èwo. Padà sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Nínú ìkéde mi ìjọ́sí, orúkọ ọjọ́ ló tọ́, nọ́ńbà ló ṣìnà. Nínú èyí, nọ́ńbà ló tọ́.

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni kí o máa fura sí jù. Wọ́n tẹ̀lé ara wọn, wọ́n jọra lójú, ìka sì máa ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ orí. Ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 1940 ni wọ́n bí Maathai. Yọ 1940 kúrò nínú 2011, ó ku 71. Kí o má dúró síbẹ̀: ṣé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti kọjá lọ́dún tó kú? Oṣù kẹrin ti kọjá kí oṣù kẹsàn-án tó dé, nítorí náà 71 ló jẹ́, kì í ṣe 72. Ká ní oṣù kejì ló kú ni, 70 ni ì bá jẹ́. Ẹni tó kàn yọ ọdún kúrò nínú ọdún á gba á nígbà mìíràn, á sì ṣì í nígbà mìíràn, kò sì ní mọ èwo ni èwo.

Bí wọ́n ṣe kọ ọjọ́ náà ńkọ́? 25/9/2011 kò lè da ẹnikẹ́ni láàmú, torí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n wo ọjọ́ tí Nelson Mandela kú: 5/12/2013. Ní ibi kan wọ́n á kà á sí ọjọ́ 5 oṣù kejìlá, èyí tó tọ́. Ní Amẹ́ríkà wọ́n á kà á sí ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún. Kọ orúkọ oṣù ní ọ̀rọ̀, wàhálà ti parí.

Àwa tó ń sọ Yorùbá tún ní tiwa lọ́tọ̀. Bí a bá ní "òní ọjọ́ mẹ́jọ", òní wà nínú ohun tí a kà, irú ọjọ́ tí òní jẹ́ náà ló máa bọ́ sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá gbé e lọ sórí kàlẹ́ńdà, tó fi 8 kún ọjọ́ òní, ti sún ìpàdé síwájú pẹ̀lú ọjọ́ kan. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fi ẹnu sọ iye ọjọ́ fún ọ, bi í pé ọjọ́ wo gan-an ni, kí o kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bákan náà ni "lónìí" àti "lọ́la" nínú ohun tí o kọ lálẹ́ òní, tó sì máa jáde láàárọ̀ ọ̀la. Ọ̀la rẹ ti di òní àwọn tó ń kà á.

Àti pé má ṣe kọ "agogo 12 òru ọjọ́ Ẹtì" fún ìparí ohunkóhun. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òru tó fi wọ ọjọ́ Ẹtì ni tàbí èyí tó fi jáde. Kọ 11:59 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ìrìn kẹta: iye

Gbogbo iye tí a bá lè ṣírò, tún un ṣírò. Ọ̀rọ̀ wa ní ọdún 37 ló wà láàárín 1977 àti 2004. Yọ ọ́, 27 ni. Ẹni tó bá ṣe irú àṣìṣe yìí lẹ́nu iṣẹ́ kì í mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ìka rẹ̀ ló máa ń bọ́ sórí 3 dípò 2, ẹni tó sì ń kà á kì í dúró yọ nọ́ńbà kúrò nínú nọ́ńbà.

Iye tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ nílò ojú tó mú ju ti nọ́ńbà lọ. Wọ́n ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni nígbà tó gba ẹ̀bùn. 56 nìyẹn, ẹni tí wọ́n bí ní 1940 kò sì lè jẹ́ 56 lọ́dún 2004. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, 64. "Dín" àti "lé" nìkan ló yà wọ́n, ó sì fi ọdún mẹ́jọ ṣòfò. Irú ẹ̀ kan náà ni ẹgbẹ̀ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta: 600 ni ti àkọ́kọ́, 500 ni ìkejì, bí èkejì tilẹ̀ gùn jù lẹ́nu. Tí o bá fi ọ̀rọ̀ kọ iye, fi nọ́ńbà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ nígbà tí o bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní tèmi o, ohunkóhun tó bá ju ogún lọ nínú ìkéde, nọ́ńbà ni mo fi ń kọ ọ́.

Ó wá ku àwòrán. Inú àwòrán ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí jù, torí pé a kì í ka àwòrán, a kàn ń wò ó ni. "30,000,00": ọ̀pọ̀ ni yóò kọjá lára rẹ̀. Máa ka òǹkà láti ọ̀tún wá sí òsì, mẹ́ta mẹ́ta. Níbí, òdo méjì péré ló wà lẹ́yìn kọ́mà tó kẹ́yìn, ọ̀kan ti já. Bí ẹlòmíràn bá yọ kọ́mà, mílíọ̀nù mẹ́ta ló máa kù, nígbà tí ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ ní mílíọ̀nù 30. Gbogbo iye tó wà nínú àwòrán gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ọ̀rọ̀ mu, àtèyí tó wà nínú àkòrí.

Iye sì ní ọjọ́ orí tirẹ̀. "Ẹgbẹ́ náà ti gbin igi tó lé ní mílíọ̀nù 30" jẹ́ òtítọ́ nígbà tí wọ́n fún un lẹ́bùn ní 2004. Àwọn ẹgbẹ́ náà ò sì dáwọ́ igi gbígbìn dúró, wọ́n ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Nítorí náà, "títí di 2004" gbọ́dọ̀ wà nínú gbólóhùn, bí kò bá sí, o ti fi iye àná sọ ọ̀rọ̀ òní.

Ọ̀kan péré ni mo tún fẹ́ fi kún un, torí kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kò rí i. Bí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ bá kúrò ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n di 50 nínú ọgọ́rùn-ún, má ṣe kọ ọ́ pé wọ́n fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Mẹ́wàá tó gun orí 40 jẹ́ ìdámẹ́rin 40, ìyẹn 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Kọ ibi tí wọ́n ti kúrò àti ibi tí wọ́n dé, "láti 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún", kò sẹ́ni tó máa ṣì ọ́ gbọ́.

Ìrìn kẹrin: líǹkì

Líǹkì ló ń kẹ́yìn, nítorí pé bí o bá tún gbólóhùn kọ lẹ́yìn tí o ti yẹ líǹkì wò, o lè ti gé e tàbí kí o ti fà á gùn mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Inú ojú ewé ìyẹ̀wò, níbi tí ọ̀rọ̀ ti rí bí àwọn èèyàn ṣe máa rí i, ni kí o ti tẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà lábẹ́ "níbí" nínú tiwa nìyí:

```
https://www.nobelprize.org/prizes/peace/2005/summary/
```

Adírẹ́sì yìí dára lójú, ojúlówó ìkànnì sì ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró: "mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí." Ẹ̀bùn 2005 ló wà níbẹ̀, èyí tí Mohamed ElBaradei àti àjọ IAEA jọ gbà. Ọdún kan péré ló ṣìnà nínú adírẹ́sì. Nítorí náà, nígbà tí líǹkì bá ṣí, wá ọ̀rọ̀ kan pàtó lórí ojú ewé náà tó fi hàn pé ibẹ̀ ni o fẹ́ dé. Fún tiwa, wá "Maathai". Bí o kò bá rí i, líǹkì kò tọ́.

Lẹ́yìn náà, ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn, tàbí níbi tí o kò ti wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ. Ìwé tí ìwọ ni, yóò máa ṣí fún ọ títí ayé, nígbà tí àwọn tó kù ń rí "ẹ béèrè àyè". Bí adírẹ́sì bá parí sí `/edit`, fura: ó lè jẹ́ ojú ewé tí èèyàn ti lè ṣàtúnṣe ni o fẹ́ fún gbogbo ayé. Bí `localhost` tàbí `staging` bá wà nínú rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ẹnì kan tàbí ibi ìdánwò ni ó wà, kò tíì jáde. Gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti `?utm_` lọ ni àmì ìtọpa ẹni tó kọ́kọ́ pín in, o lè gé e kúrò, ṣùgbọ́n tún un tẹ̀ lẹ́yìn tí o gé e.

Wo ìparí adírẹ́sì dáadáa. Àmì ìdánudúró tó parí gbólóhùn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ojú ewé tí wọn kò rí ló sì máa ń ṣí. Fi àyè sáàárín wọn tàbí kí o yí gbólóhùn padà kí adírẹ́sì má baà kẹ́yìn. Nọ́ńbà fóònù àti adírẹ́sì ímeèlì náà, líǹkì ni wọ́n: pe nọ́ńbà yẹn, kí o gbọ́ ẹni tó gbé e.

Bí a bá ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ohun tó kù nìyí:

> Wangari Maathai, obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà, dágbére fáyé ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án 2011, ní ẹni ọdún 71. Ọdún 27 lẹ́yìn tó dá Green Belt Movement sílẹ̀ ní 1977 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ti 2004, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 64. Títí di ìgbà náà, ẹgbẹ́ náà ti gbin igi tó lé ní mílíọ̀nù 30. Ẹ ka ìtàn Maathai níbí.

Pẹ̀lú líǹkì tí a tún ṣe sí 2004 àti àwòrán tó di 30,000,000, àṣìṣe mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, láìka gbólóhùn igi tí kò sọ ìgbà mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń kọ́ máa ń rí mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá kà á. Bí wọ́n bá rin ìrìn mẹ́rin náà, wọ́n máa ń rí méje, èyí tó sì máa ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni "àkọ́kọ́", torí kàlẹ́ńdà kò lè sọ ọ́, ìṣirò kò sì lè sọ ọ́.

Bí o bá rí àṣìṣe tí o sì tún un ṣe, wo gbólóhùn náà látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ọwọ́ tó ń tún nǹkan ṣe ló tún máa ń bà á jẹ́. Bí o bá gbé e jáde tán, ṣí i lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o tẹ líǹkì náà níbẹ̀. Bí o bá sì rí i pé àṣìṣe ti jáde sí gbangba, tún un ṣe, kí o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ohun tí o yí padà, pàápàá tó bá jẹ́ ọjọ́ tàbí iye, torí àwọn kan ti ya fọ́tò ti tẹ́lẹ̀ sórí fóònù wọn.